Ìbéèrè Mẹ́fà, Ìdáhùn Kan: Bí A Ṣe Ń Yẹ Ímeèlì Wò Kó Tó Lọ

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka)

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ni, nítorí náà n kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn.

Ọ̀rọ̀ ímeèlì ni wọ́n ní kí n bá yín sọ. Láyé àtijọ́, bí òṣìṣẹ́ bá ní ẹjọ́ lọ́fíìsì, yóò wọ ọkọ̀ lọ sí Dùgbẹ̀ tàbí Agodi, yóò bá kíláàkì lójúkojú, yóò sì jókòó tì í títí yóò fi dáhùn gbogbo ohun tó bá wá. Nísinsìnyí, bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà, ohun tí wọn yóò sọ fún yín ni pé, "Ẹ lọ kọ ọ́ sí ímeèlì." Ẹ ó kọ ọ́, ẹ ó béèrè ohun márùn-ún tàbí mẹ́fà, ìdáhùn yóò sì dé lórí ẹyọ kan ṣoṣo. Àwọn yòókù á wọlẹ̀ síbẹ̀. A máa ń rò pé kíláàkì náà ń fi wá ṣeré ni. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ti ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ púpọ̀ kí n tó mọ̀ pé, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó kà á kò rí àwọn ìbéèrè yòókù ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ kan ṣàlàyé. Mo to àpẹẹrẹ yìí jọ fún ìpàdé òní ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kankan láàárín wa. Dírẹ́bà tírélà kan ń gbé ní Ẹ̀gbẹ́dá. Owó oṣù rẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣírò owó ìfẹ̀yìntì, ìyẹn owó iṣẹ́ gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀ lápapọ̀, jẹ́ ₦100,000. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sọ pé kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8 nínú 100, kí ilé-iṣẹ́ sì dá ìdá 10, ó kéré tán. Èyí túmọ̀ sí pé ₦8,000 ni wọ́n ń yọ lọ́wọ́ rẹ̀, ₦10,000 ni ilé-iṣẹ́ ń fi kún un, ₦18,000 ló sì yẹ kó máa wọ àkáùntì ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lóṣooṣù. Wọ́n ń yọ ₦8,000 náà déédéé, ó wà nínú ìwé owó oṣù rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹfà ọdún 2025, àtẹ̀jíṣẹ́ tó máa ń wọ fóònù rẹ̀ nígbàkigbà tí owó bá wọlé ti dáwọ́ dúró. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, ó kọ ímeèlì sí ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Báyìí ló ṣe kọ ọ́:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Èmi ni dírẹ́bà tó ń lo àkáùntì yìí láti ọdún 2016. Wọ́n ń yọ owó lọ́wọ́ mi lóṣooṣù ṣùgbọ́n láti oṣù kẹfà n kò rí i kó wọlé, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti wọlé àti iye tó wọlé àti ọjọ́ tó wọlé. Fóònù mi sọnù ní oṣù kẹfà, mo ti ń lo nọ́ńbà mìíràn, bóyá ọ̀dọ̀ ti àtijọ́ ni àtẹ̀jíṣẹ́ ń lọ, n kò mọ èyí tó wà lọ́dọ̀ yín. Ó yẹ kí ẹ bá mi fi ìwé àkáùntì mi ti ọdún yìí ránṣẹ́. Orúkọ ẹbí tó sún mọ́ mi jù lọ tí mo fi sílẹ̀ nígbà yẹn, n kò rántí bóyá ẹ̀gbọ́n mi ni tàbí ìyàwó mi. Kí ni kí n mú wá láti yí nọ́ńbà fóònù náà padà? Ẹ ṣeun."

Ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Àmì ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nínú gbogbo lẹ́tà yìí, òun sì ni ó gbẹ̀yìn. Ìdáhùn tó dé ni pé kó mú lẹ́tà àti ìwé ìdánimọ̀ wá sí ọ́fíìsì wọn láti yí nọ́ńbà fóònù padà. Ìdáhùn náà dára, kò sí irọ́ níbẹ̀. Kíláàkì rí ìbéèrè kan, ó dá ìbéèrè kan lóhùn, ó kọjá sí lẹ́tà ẹlòmíràn. Dírẹ́bà wa náà lọ yí nọ́ńbà padà, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé wọ́n ti ń ṣe nǹkan sí i. Nígbà náà, ₦54,000 ti oṣù mẹ́ta wà níbi tí ẹnì kankan kò béèrè rẹ̀ dé.

Báwo ni ìbá ti ṣe é? Iṣẹ́ náà kì í ṣe nígbà tí a bá ń kọ lẹ́tà. Nígbà tí inú bá ń bí ènìyàn, kó kọ ọ́ bó ṣe ń bọ̀. Lẹ́yìn tó bá kọ ọ́ tán, kó tó tẹ̀ ẹ́ kó lọ, ni iṣẹ́ tí mò ń wí bẹ̀rẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ ka lẹ́tà náà bí ẹni pé ẹ̀yin ni kíláàkì, kí ẹ mú báírò àti bébà, kí ẹ sì kọ gbogbo ibi tí ẹ ti ń retí nǹkan sílẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi àmì ìbéèrè ṣe atọ́nà, nítorí ìbéèrè tiwa kì í sábà wọ aṣọ ìbéèrè. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ti mọ́ wa lára, a kì í dédé bi àgbà léèrè ní ṣàkó. Dípò kí a sọ pé "Nọ́ńbà wo ló wà lọ́dọ̀ yín?", a ó sọ pé "N kò mọ èyí tó wà lọ́dọ̀ yín." Bí a bá wà lójúkojú, ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ yóò mọ̀ pé a ń béèrè ni. Lórí ẹ̀rọ, gbólóhùn lásán ni. Nítorí náà, ẹ wá "mo fẹ́ mọ̀", ẹ wá "n kò rántí", ẹ wá "ó yẹ kí ẹ", ẹ wá "a kò tíì gbọ́". Ibi tí wọ́n bá wà, ìbéèrè wà lábẹ́ wọn. Nínú lẹ́tà dírẹ́bà wa, bí ẹ bá kà á báyìí, ohun mẹ́fà ni ẹ ó bá: bóyá owó wọlé, iye àti ọjọ́, nọ́ńbà tó wà lọ́dọ̀ wọn, ìwé àkáùntì, orúkọ ẹbí, àti ohun tí yóò mú lọ. Mẹ́fà, àmì ìbéèrè kan.

Lẹ́yìn èyí, kí ẹ wò ó bóyá ìbéèrè méjì há mọ́ inú ẹyọ kan. Ọ̀nà tí mo ń gbà dán an wò rọrùn. Mo máa ń bi ara mi pé, bí kíláàkì bá dáhùn gbólóhùn yìí pẹ̀lú "bẹ́ẹ̀ ni" nìkan, ǹjẹ́ nǹkan kan ṣì kù tí mo fẹ́ mọ̀? Bí ó bá kù, méjì ni. "Ṣé ẹ lè yí nọ́ńbà náà padà, kí sì ni kí n mú wá?" Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, a kò tíì mọ ohun tí a ó mú lọ. Ẹ pín in sí méjì. Ṣùgbọ́n ẹ má pín nǹkan tó wà ní ìlà kan náà nínú ìwé wọn. Iye owó àti ọjọ́ tó wọlé, ibi kan náà ni kíláàkì yóò ti rí wọn, kí wọ́n jọ wà lábẹ́ nọ́ńbà kan. Bí ẹ bá pín gbogbo nǹkan wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ìbéèrè mẹ́fà yóò di mẹ́rìnlá, ẹni tó fẹ́ dáhùn yóò sì gbé e jù síbi kan di ọ̀la.

Ohun kan tún wà tó kan àwa Yorùbá ní pàtàkì, mo sì fẹ́ kí ẹ fetí sí i. Ẹ má fi "kò" béèrè nǹkan. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé, "Ṣé owó náà kò tíì wọlé?", tí ẹnì kan sì dáhùn pé "Bẹ́ẹ̀ ni", kí ló sọ? Lédè tiwa, ó sọ pé òótọ́ ni, kò tíì wọlé. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé lédè Gẹ̀ẹ́sì ni ó dáhùn pé "Yẹ́ẹ̀sì", ó lè jẹ́ ohun tó ń sọ ni pé ó ti wọlé. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ méjì tó kọ ẹ̀yìn sí ara wọn, lórí ₦54,000. Ẹ kọ ọ́ pé, "Ǹjẹ́ owó náà ti wọlé?" Nígbà náà, èdè yòówù tó bá fi dáhùn, ohun kan náà ló máa jẹ́.

Ẹ wá wo ẹni tó lè dáhùn. Ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì lè sọ ohun tó wọlé àti ohun tí kò wọlé. Kò lè sọ ìdí tí ọ̀gá yín kò fi san án. Ọ̀gá yín nìkan ló mọ èyí. Bí ẹ bá da ìbéèrè ọ̀dọ̀ méjèèjì pọ̀ sínú lẹ́tà kan, ẹni àkọ́kọ́ yóò dáhùn tirẹ̀, yóò sì fi ti ẹnì kejì sílẹ̀, ẹ kò sì ní lè bínú sí i. Ímeèlì méjì ni kí ẹ kọ.

Nígbà tí a bá ti ṣe gbogbo èyí, bí lẹ́tà dírẹ́bà wa yóò ṣe rí nìyí. Ní ìlà tí wọ́n kọ Subject sí, kí ó kọ: "Ìbéèrè 6 lórí owó ìfẹ̀yìntì mi, oṣù kẹfà sí ìkẹjọ 2025." Lẹ́yìn náà:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ńbà mi tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN wà lábẹ́ orúkọ mi nísàlẹ̀. Wọ́n ń yọ ₦8,000 lówó oṣù mi, ṣùgbọ́n n kò rí àtẹ̀jíṣẹ́ kankan gbà láti oṣù kẹfà. Ìbéèrè mẹ́fà ni mo ní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá ọ̀kọ̀ọ̀kan lóhùn lábẹ́ nọ́ńbà rẹ̀.

(1) Ǹjẹ́ owó ìfẹ̀yìntì mi ti oṣù kẹfà, oṣù keje àti oṣù kẹjọ ọdún 2025 ti wọ àkáùntì mi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ oṣù kọ̀ọ̀kan.

(2) Fún oṣù tó bá ti wọlé, èló ni, ọjọ́ wo sì ni? ₦18,000 ni mo ń retí lóṣù kan.

(3) Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwé àkáùntì ìfẹ̀yìntì mi láti oṣù kìíní sí oṣù kẹjọ ọdún 2025 ránṣẹ́ sí mi.

(4) Nọ́ńbà fóònù wo ló wà fún àkáùntì ìfẹ̀yìntì mi lọ́dọ̀ yín?

(5) Orúkọ ta ni mo fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín gẹ́gẹ́ bí ẹbí tó sún mọ́ mi jù lọ?

(6) Àwọn ìwé wo ni kí n mú wá láti yí nọ́ńbà fóònù tó wà fún àkáùntì ìfẹ̀yìntì mi padà?"

Ẹ kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ owó ló ṣíwájú, fóònù ló gbẹ̀yìn. Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé "owó ìfẹ̀yìntì mi" tàbí "àkáùntì ìfẹ̀yìntì mi" ń padà wá, n kò sọ pé "ṣé ó ti wọlé" tàbí "ẹ fi í ránṣẹ́". Ìdí ni pé kíláàkì tó gba lẹ́tà náà lè gé ìbéèrè (3) nìkan fún ẹni tó ń tẹ ìwé jáde, kí ó sì gbé (4) fún ẹlòmíràn. Ẹni tó rí ìbéèrè kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ mọ ohun tí a ń wí láì rí àwọn yòókù. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ẹrù mọ èyí: àpò tí kò ní àmì lára, bó bá ti kúrò nínú ọkọ̀, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó ni ín mọ́.

Iye ìbéèrè tí a kọ sókè, iṣẹ́ wébíìlì ló ń ṣe. Bí wébíìlì bá ní àpò mẹ́fà, tí márùn-ún sọ̀ kalẹ̀, ẹni tó ń gbà á yóò padà wo inú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ tún un kà ní ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín. Ó wọ́pọ̀ kí ènìyàn kọ "ìbéèrè mẹ́fà" sókè, kó wá rántí ọ̀kan sí i, kó fi kún un, kó sì gbàgbé láti yí mẹ́fà sí méje. Wébíìlì tó bá parọ́ burú ju kí ó má sí rárá.

Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ nọ́ńbà náà, kí ẹ sì fi àmì ká a mọ́ bí mo ti ṣe yẹn. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti tẹ 1 àti ìdádúró, àwọn fúnra wọn ni wọn yóò máa ka èyí tó kù lọ. Ó dára títí tí ẹnì kan yóò fi fẹ́ kọ ìdáhùn sáàárín. Bí ó bá bọ́ sí ìlà tuntun lábẹ́ ìbéèrè 1, ẹ̀rọ yóò fún ìdáhùn rẹ̀ ní nọ́ńbà 2, ìbéèrè 2 yóò sì di 3. Nígbà tí ó bá fi máa dé ọwọ́ yín padà, ẹ kò ní mọ èwo ni wọ́n ń dáhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gba lẹ́tà láti Sẹkitéríàtì Agodi tàbí ọ́fíìsì ìjọba mìíràn rí yóò ti ṣàkíyèsí pé àwọn náà ń fi nọ́ńbà sí lẹ́tà wọn. Ṣùgbọ́n ìpínrọ̀ ni wọ́n ń ka, kì í ṣe ìbéèrè, wọn kì í sì í kọ 1 sí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, láti orí 2 ni nọ́ńbà ti ń hàn. Ó wúlò fún fáìlì wọn. Fún tiwa, kò tó, nítorí ìpínrọ̀ kan lè gbé ìbéèrè mẹ́ta mì láì hàn lójú. Bí ẹ bá ń kọ̀wé sí wọn, ẹ pe tiyín ní "Ìbéèrè 1, Ìbéèrè 2", kí wọ́n má baà fi pe ìpínrọ̀.

Nọ́ńbà kò lè ṣe gbogbo nǹkan o. Ẹni tí kò bá fẹ́ dáhùn kò ní tìtorí nọ́ńbà dáhùn. Bí ímeèlì tí ẹ fi kọ̀wé kò bá sì jẹ́ èyí tó wà lórúkọ yín lọ́dọ̀ wọn, wọ́n lè kọ̀ láti sọ ọ̀rọ̀ owó tàbí orúkọ ẹbí yín lórí ẹ̀rọ, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ sí i, nítorí olè pọ̀. Ohun tí nọ́ńbà lè ṣe ni pé kó fi ibi tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wà hàn gedegbe.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìdáhùn dé fún dírẹ́bà wa báyìí: (1) ti oṣù kẹfà ti wọlé, ti oṣù keje àti ìkẹjọ kò tíì wọlé, (2) ₦18,000, ọjọ́ 8 oṣù keje, (3) ìwé àkáùntì wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí, (4) nọ́ńbà àtijọ́ ni, (6) lẹ́tà àti ìwé ìdánimọ̀. Yóò gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìṣẹ́jú kan kò ní pé tí yóò fi rí i pé (5) kò sí níbẹ̀. Kó lọ sórí ímeèlì yẹn kan náà, kó tẹ Reply, kó sì kọ ọ́ pé: "Mo dúpẹ́ fún (1) sí (4) àti (6). Ìbéèrè (5) nìkan ló kù." Kó tún ìbéèrè náà kọ ní kíkún. Kó má sọ ọ́ di (1) nítorí pé òun nìkan ló kù, nítorí nọ́ńbà tí a bá ti fún ìbéèrè kan, òun ni yóò máa jẹ́ títí tí ọ̀rọ̀ náà yóò fi parí. Bí ìdáhùn wọn bá sì bí ìbéèrè tuntun, láti orí (7) ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ó rí i pé dírẹ́bà wa ti wá mọ ohun tí lẹ́tà àkọ́kọ́ kò lè sọ fún un láéláé: ẹ̀sùn rẹ̀ lórí oṣù kẹfà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ ló lọ sórí nọ́ńbà àtijọ́. Oṣù méjì ni gbèsè, ₦36,000. Nísinsìnyí ló tó lè kọ̀wé sí ọ̀gá rẹ̀, ìbéèrè méjì péré:

"(1) Ọjọ́ wo ni ilé-iṣẹ́ san owó ìfẹ̀yìntì mi ti oṣù keje àti oṣù kẹjọ ọdún 2025? (2) Bí ó bá jẹ́ pé ó kù láti san, ọjọ́ wo ni ẹ ó san án?"

Kó so ìdáhùn tó gbà mọ́ ọn. Òfin ọdún 2014 fún ilé-iṣẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n bá san owó oṣù láti fi owó ìfẹ̀yìntì ránṣẹ́. Bí wọ́n bá san owó oṣù kẹfà ní ọjọ́ 30 oṣù náà, gbèdéke wọn ni ọjọ́ 9 oṣù keje, ìdí nìyí tí ọjọ́ 8 fi bá òfin mu. Bí wọ́n bá kọjá gbèdéke, owó ìtanràn wà, kò sì gbọdọ̀ dín ní ìdá 2 nínú 100 owó tí wọn kò san, fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá wà nílẹ̀. Bí ọ̀gá kò bá dáhùn, àjọ ìjọba tó ń mójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ìyẹn Pẹ́ńkọ́ọ̀mù, ló kàn, kí ẹ sì mú un wá fún akọ̀wé ẹ̀ka kí ẹ tó kọ̀wé sí wọn. Ímeèlì mẹ́ta yẹn, pẹ̀lú nọ́ńbà wọn bí wọ́n ṣe wà, ni kí ẹ tẹ̀ jáde sórí bébà kí ẹ mú dání, pẹ̀lú ìwé owó oṣù ti oṣù keje àti ìkẹjọ.